Tíránsímítà bulutúùtù ò gbé ohùn jáde lára tẹlifíṣọ̀n yín? Ẹ kọ́kọ́ wo iná ara rẹ̀

Ẹ ra tíránsímítà bulutúùtù, ẹ kì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi hẹ́dífóònù sétí, gbogbo ẹ̀ wá dákẹ́ lọ gbári. Tàbí kí ohùn wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n oníròyìn á ti pa ẹnu dé kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ tó dé etí yín. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Òmíràn á ní tẹlifíṣọ̀n ló ti bàjẹ́. Nígbà púpọ̀, kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ àsọyé ni wọn ò gbọ́ lẹ́nu ara wọn.

Ẹni tí kò bá tíì rí i rí, ẹ̀rọ kékeré ni tíránsímítà yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó gba ohùn lára tẹlifíṣọ̀n, kó sì fi ránṣẹ́ sí hẹ́dífóònù tí kò ní wáyà. Àwọn tó ń wá a jù ni àwọn tí tẹlifíṣọ̀n wọn ti pẹ́, tí kò ní bulutúùtù nínú ara ẹ̀. Torí náà, kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ wọ ibi ètò ohùn nínú tẹlifíṣọ̀n yín. Bí ẹ bá rí Bluetooth níbẹ̀, tó sì gbà kí ẹ so hẹ́dífóònù mọ́ ọn, ẹ ò nílò tíránsímítà kankan.

Bàbá kan wà ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì. Etí bàbá ò gbọ́ dáadáa mọ́. Bí ìròyìn aago méje bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè títí àwọn tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á fi máa kanlẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn tó ń múra ìdánwò WAEC ò rí ìwé kà nínú ilé. Ọ̀rọ̀ náà ti ń di ìjà. Ni ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá fi tíránsímítà kan àti hẹ́dífóònù kan ránṣẹ́ sí wọn, kí bàbá lè gbọ́ tiwọn létí láì da ilé rú.

Kò ṣiṣẹ́. Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wá wò ó ní hẹ́dífóònù ò dáa. Èkejì ní ìgbìmọ̀ ohùn inú tẹlifíṣọ̀n ló ti jó, pé òun máa tú u. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ló bèèrè. Bàbá ní, "Ìwọ wá wò ó fún mi kí n tó fún un lówó, torí tẹlifíṣọ̀n tí mò ń wò lójoojúmọ́ tí ohùn ń jáde lẹ́nu ẹ̀, báwo ni ibi ohùn ẹ̀ ṣe jó?"

Ìbéèrè gidi ni bàbá bèèrè. Bí ohùn bá ń jáde láti inú sípíkà tẹlifíṣọ̀n, tí kò dé hẹ́dífóònù, títú tẹlifíṣọ̀n kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn rò. Mo ní, "Ẹ fi sùúrù, bàbá mi, ẹ má fún un ní nǹkan kan ná."

Iná kékeré tó wà lára tíránsímítà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí iná náà bá ń ṣẹ́jú, a jẹ́ pé òun àti hẹ́dífóònù ò tíì ríra wọn. Bí ó bá dúró sójú kan láì ṣẹ́jú, wọ́n ti so pọ̀. Ìyàtọ̀ yìí ló pín gbogbo iṣẹ́ sí méjì. Iná tó ń ṣẹ́jú ń sọ fún yín pé kí ẹ wá ìdí ọ̀rọ̀ láàárín tíránsímítà àti hẹ́dífóònù, kí ẹ má fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n rárá. Iná tó dúró, tí ohùn ò sì sí, ń sọ pé ìsopọ̀ ti parí, ohun tó ń bọ̀ láti ara tẹlifíṣọ̀n ni kò dáa. Ìwé pélébé tó wà nínú páálí á sọ àwọ̀ iná tiyín gan-an, torí kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń lo àwọ̀ kan náà.

Ti bàbá ń ṣẹ́jú. Torí náà, ẹ̀gbẹ́ ìsopọ̀ la kọ́kọ́ dojú kọ.

Lára ọ̀pọ̀ tíránsímítà, súwíìṣì kékeré kan máa ń wà tí wọ́n kọ TX sí apá kan, RX sí apá kejì. Iṣẹ́ méjì ni ẹ̀rọ yẹn ń ṣe. Bí ó bá wà ní TX, ó ń fi ohùn ránṣẹ́, ìyẹn ni pé ó gba ohùn lára tẹlifíṣọ̀n, ó sì jù ú sí hẹ́dífóònù. Bí ó bá wà ní RX, òun ló ń gba ohùn wọlé láti orí fóònù, kó lè fi í ránṣẹ́ sínú rédíò tàbí sípíkà àtijọ́. Tẹlifíṣọ̀n àti hẹ́dífóònù, TX nìkan ni wọ́n nílò. Bí súwíìṣì bá wà ní RX, hẹ́dífóònù náà ń dúró de ẹni tó máa fi ohùn ránṣẹ́, tíránsímítà náà ń dúró de ẹni tó máa fi ohùn ránṣẹ́. Àwọn méjèèjì á jókòó máa wo ara wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Bí lẹ́tà ara súwíìṣì bá ti parẹ́, tàbí tí ẹ ò rí i dáadáa, fóònù yín lè bá yín mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣí bulutúùtù fóònù, kí ẹ jẹ́ kó wá ohun tó wà nítòsí. Bí orúkọ tíránsímítà bá jáde lójú fóònù, RX ló wà. Ẹ̀rọ tó wà ní TX kì í fi ara ẹ̀ han fóònù báyẹn, torí pé òun náà ló ń wá ẹlòmíràn kiri. Ti bàbá jáde lójú fóònù mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo pa á, mo tì í sí TX, mo tún tàn án. Ẹ rántí kí ẹ pa á kí ẹ tó yí i, torí nínú àwọn míì, bí ẹ bá yí súwíìṣì nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kò ní gbà títí ẹ ó fi pa á kí ẹ sì tún un tàn.

Iná ṣì ń ṣẹ́jú. Ohun tó fà á wà nínú àpò ọmọ-ọmọ bàbá. Ọmọ náà ti fi hẹ́dífóònù yẹn gbọ́ orin lórí fóònù ẹ̀ ní ọjọ́ tó dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Hẹ́dífóònù kì í tètè gbàgbé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti tàn án, ó sábà máa ń sáré lọ bá fóònù yẹn kí ẹlòmíràn tó ráyè, bí fóònù náà tiẹ̀ wà nínú yàrá kejì. Tí ọwọ́ ẹ̀ bá sì ti wà lọ́wọ́ fóònù, tíránsímítà lè máa pè é títí, kò ní dáhùn. Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ní hẹ́dífóònù ò dáa, tó bá bi wọ́n léèrè ẹni tó lò ó kẹ́yìn ni, ìbá ti rí i.

Ohun tí a ṣe rèé. A pa bulutúùtù gbogbo fóònù tó wà nínú ilé. A pa hẹ́dífóònù. Lẹ́yìn náà, a tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án, a ò sì gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀ títí iná ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ pupa àti búlúù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, á tàn, wọ́n á rò pé ó parí. Títàn lásán yàtọ̀ sí kó wà ní ipò tó ti ń wá ẹni tuntun. Nínú ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí méje ni ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó dé ipò yẹn. Bákan náà lẹ ó ṣe fún tíránsímítà, títí iná ẹ̀ á fi máa yára ṣẹ́jú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ẹ wá gbé méjèèjì sún mọ́ ara wọn, kó má ju mítà kan lọ, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀. Kò sí ojú tí ẹ máa fi yan orúkọ bíi ti fóònù, àwọn fúnra wọn ló máa wá ara wọn rí. Ó lè gba bí ìṣẹ́jú kan, ẹ má máa tẹ bọ́tìnnì lé bọ́tìnnì.

Iná dúró. Ṣùgbọ́n etí bàbá ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ rí i pé a ti kúrò ní ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ báyìí. Ó ku ti tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tí mo wò ni ihò tí wọ́n ki wáyà bọ̀. Oníṣẹ́ kejì ti ki wáyà pupa àti funfun bọ àwọn ihò pupa àti funfun tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Àwọ̀ bá àwọ̀ mu, ó dà bíi pé ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sókè ẹ̀: AV IN. IN túmọ̀ sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà fi ohùn àti àwòrán wọ inú tẹlifíṣọ̀n láti ara ẹ̀rọ fídíò tàbí dikódà àtijọ́. Ohùn kankan kì í gba ibẹ̀ jáde. Lára ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n òde òní, gbogbo ihò pupa àti funfun tó wà níbẹ̀, àbáwọlé ni. Èyí tí ẹ ń wá ni ibi tí wọ́n kọ AUDIO OUT, tàbí ihò hẹ́dífóònù róbótó, tàbí èyí tí wọ́n kọ OPTICAL.

OPTICAL ni tẹlifíṣọ̀n bàbá ní. Ihò kékeré onígun mẹ́rin ni, ó máa ń ní ìlẹ̀kùn kékeré kan tó ń ṣí sínú. Ìmọ́lẹ̀ ni ohùn fi ń gba inú wáyà yẹn kọjá, kì í ṣe iná mànàmáná. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé tí ẹ bá ki wáyà ẹ̀ bọ tẹlifíṣọ̀n tó wà ní títàn, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ pupa ní ẹnu wáyà náà lápá kejì. Bí wáyà bá jẹ́ tuntun, ẹ yọ ọ̀rá kékeré tí wọ́n fi bo ẹnu ẹ̀ lápá méjèèjì. Ọ̀rá yẹn máa ń mọ́ gaara, èèyàn kì í tètè rí i, ó sì tó láti má jẹ́ kó wọlé dáadáa. Bí tíránsímítà yín bá ní súwíìṣì mìíràn tí wọ́n kọ AUX àti SPDIF tàbí OPT sí, ẹ tì í sí SPDIF tàbí OPT, torí bí ó bá wà ní AUX, ihò mìíràn ló ń dẹ etí sí.

Ní ti àwọn tẹlifíṣọ̀n kan, kíkì í bọlẹ̀ nìkan ò tó, ẹ gbọ́dọ̀ lọ sínú Settings, ibi Sound, kí ẹ sọ fún un ní Sound Output tàbí Sound Out pé Optical ni kó gbé ohùn gbà. A ṣe ìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ pupa wà, iná tíránsímítà dúró, ọmọ-ọmọ bàbá ṣí YouTube, ohùn dé! Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí wọ́n padà sórí dikódà, kí wọ́n wo ìkànnì fíìmù. Ohùn tún lọ.

Ibi tó ń da àwọn èèyàn láàmú jù nìyí, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Bí ohùn bá ń wá nínú áàpù kan, tí kò wá nínú òmíràn, tàbí tó ń wá nígbà ìròyìn tó sì ń lọ nígbà fíìmù, ẹ má wulẹ̀ máa mi wáyà. Wáyà tó ti já ò mọ ìyàtọ̀ láàárín YouTube àti fíìmù. Irú ohùn tí tẹlifíṣọ̀n ń fi ránṣẹ́ ló yàtọ̀.

Oríṣi méjì ni ohùn máa ń gbà jáde nínú ihò OPTICAL. Èkíní ni PCM. Ẹ fi wé ẹrù tí wọ́n ti tú sílẹ̀, ohun tó bá wà níbẹ̀ lẹnikẹ́ni lè gbé. Ohùn apá òsì kan, ohùn apá ọ̀tún kan, ó parí. Èkejì ni èyí tí ẹ máa rí orúkọ ẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n bíi Dolby Digital tàbí Bitstream. Èyí jẹ́ ẹrù tí wọ́n dì pọ̀. Ohùn sípíkà mẹ́fà ló lè wà nínú ẹ̀, wọ́n wá dì í pọ̀ kó lè gba inú wáyà kan ṣoṣo kọjá. Ẹ̀rọ ohùn ńlá inú pálọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ọ̀pọ̀ tíránsímítà kékeré ò mọ̀ ọ́n. PCM ohùn apá méjì nìkan ni wọ́n gbọ́. Tí ẹrù dídì bá dé ọwọ́ wọn, àwọn míì á dákẹ́, àwọn míì á máa pariwo kẹ̀ẹ̀ẹ̀ bíi rédíò tí ìkànnì ẹ̀ ti sá. Bí ẹ bá gbọ́ irú ariwo yẹn, ẹ yáa yọ hẹ́dífóònù létí, pàápàá ní etí àgbàlagbà.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń fi ibẹ̀ sí Auto. Auto yìí túmọ̀ sí pé bí ohùn bá ṣe dé ni yóò ṣe tì í jáde. YouTube tí ọmọ náà ṣí gbé ohùn apá méjì wá, ó bọ́ sí i. Ìkànnì fíìmù gbé Dolby wá, tẹlifíṣọ̀n tì í jáde bẹ́ẹ̀, tíránsímítà ò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n sípíkà tẹlifíṣọ̀n fúnra ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà náà, torí tẹlifíṣọ̀n mọ bó ṣe ń tú ẹrù ọ̀hún fún ara ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí oníṣẹ́ wa rò pé nǹkan kan ti jó nìyẹn.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ kúrò ní Auto, kí ẹ yan PCM. Orúkọ ibẹ̀ yàtọ̀ láti tẹlifíṣọ̀n kan sí èkejì. Lára ọ̀pọ̀ Samsung, ẹ wọ Settings, Sound, Expert Settings, ẹ ó rí Digital Output Audio Format. Lára LG, ẹ wá Digital Sound Out tàbí Digital Sound Output nínú Sound. Lára Sony àti Hisense, ẹ wá Digital Audio Out. Ibi yòówù kó wà, PCM ni ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá. Ti bàbá wà ní Auto. Mo yan PCM, mo jáde nínú mẹ́nù, fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní etí wọn. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tú.

Bí ẹ bá ti fi tẹlifíṣọ̀n sí PCM, tí dikódà tàbí ẹ̀rọ DVD ṣì dákẹ́, ẹ lọ sínú mẹ́nù dikódà náà fúnra ẹ̀, ní ibi ètò ohùn, kí ẹ fi tiẹ̀ náà sí PCM tàbí Stereo. Irú ohùn kan wà tí wọ́n ń pè ní DTS tí àwọn tẹlifíṣọ̀n kan ò lè tú rárá. Tó bá jẹ́ òun ló wà nínú fíìmù tí ẹ fi fúláàṣì wò, sípíkà tẹlifíṣọ̀n pàápàá á dákẹ́. Ìyẹn á jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀bi tíránsímítà kọ́.

Nǹkan kan ṣì tún wà nípa OPTICAL tí bàbá tètè kíyè sí. Wọ́n ń tẹ rìmóòtù, ohùn ò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn lára ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Ohùn tó ń gba OPTICAL jáde kì í tẹ̀ lé rìmóòtù, ara hẹ́dífóònù lẹ ti máa yí i. Fún ilé bíi ti bàbá, àǹfààní ló jẹ́ nígbà mìíràn. Àwọn LG kan wà tí ẹ lè yan sípíkà inú tẹlifíṣọ̀n àti Optical pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn ará ilé máa gbọ́ tiwọn ní jẹ́jẹ́, kí bàbá sì yí tiwọn sókè létí ara wọn. Ihò hẹ́dífóònù róbótó ò sábà gbà bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti ki nǹkan bọ̀ ọ́, sípíkà tẹlifíṣọ̀n á pa ẹnu mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kí ohùn máa pẹ́ lẹ́yìn àwòrán. Bàbá ní, "Ó ń sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ti pa dé kí n tó gbọ́." Fún ẹni tí etí ẹ̀ ò gbọ́ dáadáa, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Irú wọn a máa wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lè mọ ohun tó sọ. Bí ẹnu bá ń lọ síwájú tí ọ̀rọ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, hẹ́dífóònù náà lè tún wá mú kó ṣòro fún wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdí tó fi ń pẹ́ ni pé bulutúùtù kì í ju ohùn lọ bẹ́ẹ̀. Tíránsímítà á kọ́kọ́ fún ohùn kó kéré, á jù ú, hẹ́dífóònù á gbà á, á kó díẹ̀ jọ kó má baà máa já, á tú u, kó tó kù ú sí yín létí. Ọ̀nà tí gbogbo bulutúùtù fi ń ṣe èyí, tí ẹ máa rí tí wọ́n kọ SBC sára páálí, máa ń jẹ nǹkan bí 200 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè dín díẹ̀, ó lè lé. Ẹ ní kí ló wà nínú ìyẹn, ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá? Ó pọ̀ fún ojú. Àjọ ITU tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé tí ohùn bá ti fi nǹkan bí 125 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ lẹ́yìn àwòrán, èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Tí ẹ bá ń gbọ́ orin, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n rárá. Ẹnu èèyàn ló ń tú àṣírí ẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tó yá wà, orúkọ ẹ̀ ni aptX Low Latency, wọ́n lè gé e kúrú sí aptX LL. Nǹkan bí 40 péré nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ló ń jẹ, ojú ò sì lè dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò: tíránsímítà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, hẹ́dífóònù náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀kan bá mọ̀ ọ́n tí èkejì ò mọ̀ ọ́n, wọ́n á padà sí SBC tí àwọn méjèèjì jọ gbọ́, ohùn á sì máa pẹ́ bí ó ṣe ń pẹ́. Ẹlòmíràn á ra tíránsímítà olówó ńlá tí wọ́n kọ Low Latency gàdàgbà sí lára, á fi AirPods gbọ́ ọ, á wá máa bú oníṣòwò. AirPods ò ní aptX rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí aptX lásán tàbí aptX HD tàn yín jẹ, wọn kì í ṣe ohun kan náà. HD ń wá adùn ohùn, kì í wá ìyára.

Ti bàbá, tíránsímítà mọ aptX LL, torí wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀, ó sì ní iná kékeré kan tó yẹ kó tàn tí wọ́n bá ń lò ó. Iná yẹn ò tàn. Mo wo páálí hẹ́dífóònù, SBC àti AAC nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí ètò tí èèyàn lè yí nínú mẹ́nù tó máa mú kí hẹ́dífóònù yẹn gbọ́ èdè tí wọn ò kọ́ ọ.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ lọ yí ètò ìdádúró ohùn nínú tẹlifíṣọ̀n, èyí tí wọ́n ń kọ ní AV Sync tàbí Digital Output Audio Delay. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Ohun tí ètò yẹn wà fún nínú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni kó dá ohùn dúró díẹ̀ sí i nígbà tí àwòrán bá ń pẹ́. Tiyín, ohùn ló ti ń pẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sókè, ẹ ń dá kún un ni. Ẹ wọlé síbẹ̀ kí ẹ rí i pé 0 ló wà, kí ẹ sì jáde. Ti bàbá, ẹnì kan nínú àwọn oníṣẹ́ ti gbé e dé 100. Nígbà tí mo dá a padà sí 0, bàbá ní ó sàn, ṣùgbọ́n kò tíì dọ́gba. Ẹ tún pa àwọn àfikún tó ń mú ohùn dún bíi ti sinimá nínú ètò ohùn, torí iṣẹ́ tí tẹlifíṣọ̀n bá ṣe lórí ohùn, àkókò ló ń jẹ. Bí wọ́n bá sì fi àwòrán sí Game Mode, ẹ yọ ọ́ kúrò bí ẹ kò bá ṣeré ìdárayá níbẹ̀. Game Mode ń mú kí àwòrán tètè dé, ìyẹn á wá jẹ́ kí ohùn dà bí ẹni tó tún pẹ́ sí i.

Ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká wo fíìmù lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀nà kan tí àwọn tó kù ò ní. Nínú VLC, lórí Windows, bí ẹ bá tẹ lẹ́tà J, ohùn á sún síwájú díẹ̀, bí ẹ bá tẹ K, á sún sẹ́yìn. Ẹ máa tẹ J ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba títí ẹnu àti ọ̀rọ̀ á fi bá ara wọn dé. Ó ṣeé ṣe níbẹ̀ torí gbogbo fíìmù ti wà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Ìròyìn tó ń lọ lọ́wọ́ ò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohun tí oníròyìn ò tíì sọ.

Mo sọ fún ọmọ bàbá lórí fóònù pé hẹ́dífóònù ló yẹ kó pààrọ̀, kó má ra tíránsímítà mìíràn, kó sì rí i pé aptX LL wà lára páálí kó tó sanwó. Ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Èmi rò pé bí tíránsímítà bá ti dáa, ó parí ni." Ní báyìí ná, bàbá ń fi èyí tó wà ńlẹ̀ gbọ́ ìròyìn, fíìmù ni wọ́n ní àwọn ò lè fi wò.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ki tíránsímítà bọ ihò USB tẹlifíṣọ̀n kó máa gba iná níbẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pa tẹlifíṣọ̀n, iná ihò yẹn lè lọ, tíránsímítà á kú pẹ̀lú ẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n sì dá a padà, ẹ jẹ́ kí tíránsímítà kọ́kọ́ tàn kí ẹ tó tan hẹ́dífóònù, kí hẹ́dífóònù má baà sá lọ bá fóònù. Bí ohùn bá ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tí kì í ṣe pé ó ń pẹ́, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ gbé tíránsímítà kúrò lẹ́yìn irin tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ Wi-Fi.

Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ran tí dókítà fi sí wọn létí, ẹ bi ẹni tó tà á fún yín léèrè kí ẹ tó ra tíránsímítà tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbọ́ran ò lè bá a so pọ̀, tiwọn ni ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n máa ń tà lọ́tọ̀.

Bí ẹ bá sì ti ṣe gbogbo èyí tí ohùn ò wá, tí ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ dá ọjà padà, ẹ lo wáyà róbótó tó bá tíránsímítà wá. Ẹ ki apá kan bọ ihò hẹ́dífóònù rédíò tàbí fóònù àtijọ́ kan, apá kejì bọ tíránsímítà, kí ẹ tì í sí TX àti AUX, kí ẹ sì tan orin. Bí orin bá dé hẹ́dífóònù, tíránsímítà yín dáa, kí ẹ padà sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n lọ ka ohun tí wọ́n kọ sára ihò. Bí kò bá dé níbẹ̀ náà, tí iná sì dúró láì ṣẹ́jú, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á fún yín, pẹ̀lú rédíò yẹn lọ́wọ́, kí ẹ ṣe é lójú ẹ̀.